Fọ́tò wo ló ń ta ọjà? Bí a ṣe lè dán àwòrán méjì wò láìtan ara wa jẹ

Láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ń polówó ọjà wọn lórí Fesibúùkù ti pọ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wá fọ́tò tó dára jù. Wọ́n á gbé fọ́tò kan síta ní ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á wá wo èyí tí àwọn ènìyàn tẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ jù ni wọ́n á sọ pé ó borí, òun ni wọ́n á sì máa lò lọ.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wéra, kì í ṣe fọ́tò méjì. Ìkejì, àwọn tó tẹ fọ́tò ni wọ́n kà, wọn kò ka àwọn tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta òrí ní Ṣábẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àwọn iye tí ẹ máa rí nípa rẹ̀ pẹ̀lú, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí ìṣirò náà lè yé wa ni. Ìyá yìí ń di òrí sínú ike ìdajì kílò, ó ń tà á ní 1.500 sẹ́fà, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu sì ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Fọ́tò méjì ló ní. Ti àkọ́kọ́, òrí funfun báláú ló wà nínú igbá, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lára, ó wu ojú í wò. Ti ìkejì, ike tó fi ń tà á gan-an ni, ọwọ́ kan dì í mú kí ènìyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Kò lẹ́wà tó ti igbá rárá. Ìyá náà fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó fi síwájú.

Pípín àwọn ènìyàn sí méjì

Ká ní ó gbé fọ́tò igbá síta ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù, tó sì gbé ti ike síta ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bí ti ike bá tà jù, ṣé fọ́tò ló ṣe é ni àbí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ti òrí tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń ya, òrí á máa tà fúnra rẹ̀ bí fọ́tò rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú dùdù. Ẹni tó bá dán fọ́tò kan wò kí ọyẹ́ tó dé, tó sì dán èkejì wò lẹ́yìn tó dé, ọyẹ́ ló dán wò.

Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, fún àwọn ará ìlú kan náà, pẹ̀lú iye ọjà kan náà àti ọ̀rọ̀ kan náà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá sì rí ti igbá kò gbọdọ̀ rí ti ike. Fọ́tò nìkan ni kó yàtọ̀.

Fesibúùkù ní irinṣẹ́ tó ń ṣe èyí. Nínú `Gestionnaire de publicités`, ẹ máa rí `Test A/B`. Ó máa pín àwọn tí ẹ fẹ́ kó rí ìpolówó náà sí apá méjì láìwo ojú ẹnikẹ́ni, apá kan á rí fọ́tò kan, apá kejì á rí èkejì, owó ìpolówó sì máa pín sí méjì dọ́gba. Bọ́tìnnì `Booster` tó wà lábẹ́ fọ́tò, tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa, kì í ṣe iṣẹ́ yìí bí a bá kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún fọ́tò méjì.

Ọ̀nà kan tún wà tó jọ èyí tó dára, ṣùgbọ́n tí kò dára. Àwọn kan máa ń kó fọ́tò méjèèjì sínú ìpolówó kan ṣoṣo, wọ́n á ní kí Fesibúùkù máa gbé wọn jáde. Ohun tí Fesibúùkù ń ṣe nígbà náà ni pé láìpẹ́ sígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó bá ti rò pé ọ̀kan ni àwọn ènìyàn máa fẹ́, ó máa da èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín sórí ọ̀kan yẹn, èkejì kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ méjì ń sá eré ìje, tí wọ́n wá gbé ọ̀kan gun zẹ́míjàn kí wọ́n tó rìn jìnnà. Fesibúùkù kò ṣe ibi, ó fẹ́ kí owó yín so èso kíákíá ni. Ṣùgbọ́n a kò lè pe ìyẹn ní ìdánwò.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìpín náà dọ́gba kò le. Ẹ wo `Couverture`, ìyẹn iye ènìyàn tó rí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe wo `Impressions` fún èyí, nítorí ẹnì kan náà lè rí fọ́tò kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Fesibúùkù á sì kà á ní mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá fi 8.000 hàn tí èkejì sì fi 7.900 hàn, ó dára. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 8.000 tí èkejì jẹ́ 3.000, ẹ má ṣe fi èyí tó tẹ̀ lé e wéra rárá. Ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ ṣì ṣe níbẹ̀rẹ̀.

Mímọ ibi tí olùrà ti wá

Fesibúùkù mọ iye àwọn tó tẹ fọ́tò, ó máa kọ ọ́ síbi `Clics sur un lien`. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, orí Wasáàpù ni ọjà ti ń parí, owó sì máa ń wọlé láti MoMo tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọjà lọ. Fesibúùkù kò sí níbẹ̀. Àwa fúnra wa la máa kà á, a kò sì lè kà á bí a kò bá mọ fọ́tò tó mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá.

Má ṣe bi oníbàárà léèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kò rántí, àwọn mìíràn á sì sọ ohun tí wọ́n rò pé o fẹ́ gbọ́. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lórí Wasáàpù ẹni tó tẹ fọ́tò ní àmì nínú. Ìyá olórí wa fi ìlà kan sí abẹ́ fọ́tò igbá, ó fi èkejì sí abẹ́ fọ́tò ike:

```
https://wa.me/NUMERO?text=Ori1
https://wa.me/NUMERO?text=Ori2
```

Níbi tí NUMERO wà, nọ́ńbà Wasáàpù yín ni kó wà níbẹ̀, 229 níwájú, láìsí àmì + àti láìsí àlàfo. Ẹni tó bá tẹ fọ́tò igbá, “Ori1” á ti wà níbi tó fẹ́ kọ̀wé sí, kó kàn fi ránṣẹ́ ni. Àwọn kan máa ń pa á rẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Ẹ kọ wọ́n sí ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe pín wọn fún ẹ̀gbẹ́ kankan nípa àbá.

Lẹ́yìn náà, ìwé àkọsílẹ̀ lásán ti tó. Ojú ewé kan fún Ori1, ìkan fún Ori2. Bí owó bá ti wọlé, ẹ fa ìlà kan. Bí owó kò bá tíì wọlé, ẹ má fa ìlà kankan, bí ẹni náà bá tilẹ̀ búra pé òun ń bọ̀ lọ́la. Àwọn tó máa ń sọ pé “ẹ bá mi fi méjì pamọ́” pọ̀, àwọn tó padà wá gbà á kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa sọ fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá mọ̀ pé fọ́tò ike ló wù yín, ẹ lè máa tètè dá àwọn Ori2 lóhùn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn Ori1 dúró títí di alẹ́, láìmọ̀. Ẹni tí a jẹ́ kó dúró títí di alẹ́ ti lọ rà á níbòmíràn.

Ìgbà tó yẹ ká dáwọ́ dúró

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìyá náà ṣí ìwé rẹ̀: márùn-ún ti igbá rà, ẹyọ kan ni ti ike. Ó fẹ́ pa fọ́tò ike tì lójú ẹsẹ̀. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ mú owó idẹ 100 sẹ́fà kan, ẹ sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ ka iye ìgbà tí ojú kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún un ṣe. Bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún, márùn-ún sí ẹyọ kan ni ẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ owó kan náà ni, kò sí ojú tó dára ju èkejì lọ. Bí fọ́tò méjèèjì bá dọ́gba, olùrà kọ̀ọ̀kan tó bá wá dà bí owó idẹ tí a sọ sókè, ó lè ti ibí wá, ó lè ti ọ̀hún wá. Nítorí náà, márùn-ún sí ẹyọ kan kò tíì sọ nǹkankan fún wa.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá ti orí ire? Ọ̀gbẹ́ni Evan Miller ní Amẹ́ríkà kọ òfin kan sílẹ̀ ní 2015 tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè tẹ̀ lé. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú iye olùrà kan, ká ní 100, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lápapọ̀. Ẹ máa ka àwọn olùrà bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi 23 ṣíwájú èkejì kí àpapọ̀ tó pé 100, ẹ dáwọ́ dúró, òun ló borí. Bí àpapọ̀ bá pé 100 tí kò sí èyí tó fi 23 ṣíwájú, ẹ dáwọ́ dúró, ìdánwò náà kò rí ìyàtọ̀. Ó parí.

Ohun tó mú kí òfin yìí wúlò fún oníṣòwò ni pé ẹ lè wo ìwé yín lójoojúmọ́ láìbà á jẹ́. Nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò mìíràn, ẹni tó ń yọjú wò lójoojúmọ́, tó sì dúró lọ́jọ́ tí ohun tó wù ú bá ṣíwájú, á tan ara rẹ̀ jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú èyí, a ti fi yíyọjú wò sínú ìṣirò. Bí fọ́tò méjèèjì bá dọ́gba, bíi ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin náà máa ṣì wá lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìpín náà gbọ́dọ̀ dọ́gba, àwọn tó ń rà sì gbọ́dọ̀ kéré sí àwọn tó rí i, bó ṣe máa ń rí lórí Fesibúùkù. Ẹ kò sì gbọdọ̀ yí iye tí ẹ mú níbẹ̀rẹ̀ padà lágbede méjì. Ẹni tó dé 100 láìrí olúborí, tó wá ní kó di 150, ti ba tirẹ̀ jẹ́.

Ìyá náà dì í mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, igbá ní 18, ike ní 26. Ike ti kọjá igbá, ṣùgbọ́n 8 péré ló fi ṣíwájú. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, igbá di 34, ike di 57. Iyàtọ̀ wọn jẹ́ 23. Ó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà.

Títẹ̀ kì í ṣe rírà

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Fesibúùkù kọ ní tirẹ̀. Ènìyàn 8.000 ló rí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àwọn 310 ló tẹ ti igbá, àwọn 205 ló tẹ ti ike. Bí ó bá jẹ́ títẹ̀ nìkan ni ìyá náà kà, igbá ló máa yàn, á sì máa pàdánù lọ.

Kí ló fà á? Fọ́tò igbá lẹ́wà, ó ń fa ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà ka àwọn ọ̀rọ̀ Ori1 padà, àwọn kan ń béèrè bóyá wàrà ni. Àwọn mìíràn rò pé gbogbo igbá náà ni 1.500. Àwọn tó tẹ ti ike ti mọ ohun tí wọ́n ń rà àti bó ṣe tóbi tó kí wọ́n tó kọ̀wé, ìbéèrè wọn kò ju “ṣé ẹ lè gbé e dé Wàndó?” lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tún wà níbẹ̀: ẹni tó dá ènìyàn 310 lóhùn kó tó rí olùrà 34, àárẹ̀ á mú un ju ẹni tó dá 205 lóhùn tó rí 57 lọ.

Àwọn tó bá ti gbọ́ èyí máa ń sáré ṣubú sí apá kejì. Wọ́n á ní kí a máa pín iye olùrà pẹ̀lú iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ti igbá, 11 nínú ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀ ẹ́ ló rà. Ti ike, bíi 28. Ó jọ pé ó tọ̀nà, àbí? Ṣùgbọ́n ká ní fọ́tò kẹta wà, tó burẹ́wà débi pé 20 ènìyàn péré ló tẹ̀ ẹ́ nínú 8.000, kìkì àwọn tí òrí ti tán nílé wọn pátápátá. Mẹ́wàá nínú wọn rà. Ìyẹn jẹ́ 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ga ju ti ike lọ, bẹ́ẹ̀ ike mẹ́wàá ni ìyá náà tà dípò 57. Fọ́tò ló ń yan àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, nítorí náà àwọn tó tẹ ti ibí àti àwọn tó tẹ ti ọ̀hún kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Àwọn tó rí i nìkan ni a pín dọ́gba. Àwọn ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀: nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó rí i, bíi 4 ló ra ti igbá, bíi 7 ló ra ti ike. Iye títẹ̀ wúlò láti fi mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ìdánwò yìí kò lè sọ

Àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì Amẹ́ríkà, Michael Braun àti Eric Schwartz, ti fi hàn pé `Test A/B` fúnra rẹ̀ ní àléébù kan. Ó pín àwọn ènìyàn sí méjì dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú apá kọ̀ọ̀kan, Fesibúùkù ṣì ń yan ẹni tó máa fi fọ́tò náà hàn, ó ń wá ẹni tó rò pé fọ́tò yẹn máa wù. Ó lè máa fi ti igbá han àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ràn ohun ìpara, kó sì máa fi ti ike han àwọn ìyá tó ń rajà fún ilé. Nítorí náà, ohun tí ìyá Ṣábẹ̀ mọ̀ ni pé fọ́tò ike ń tà jù lórí Fesibúùkù, lọ́nà tí Fesibúùkù ń gbà pín in. Fún ẹni tó fẹ́ máa polówó níbẹ̀ lọ, ó ti tó. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ya àwòrán ńlá síwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ìdánwò yìí kò dá a lóhùn nípa ìyẹn.

Lẹ́yìn fọ́tò ló kan àkọlé. Ìyá náà fi fọ́tò ike sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án mọ́, ó wá dán àkọlé méjì wò: “Òrí gidi láti Ṣábẹ̀” àti “Òrí ìdajì kílò, 1.500 F”. Ọ̀nà kan náà ni, ìwé kan náà, 100 àti 23. Bó bá ti yí fọ́tò àti àkọlé padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò ní mọ èyí tó mú ọjà tà nínú méjèèjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù síwájú nínú àkọlé, nítorí ojú fóònù kéré, ó máa ń gé ìparí rẹ̀. Bí òrí bá tán lágbede méjì, ẹ dá ìpolówó méjèèjì dúró pọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ wọn pọ̀.

Àwọn tí kò lówó ìpolówó ń kọ́? Wọ́n lè lo àkójọ orúkọ tó wà lórí Wasáàpù wọn. Ẹ má ṣe fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, kí ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹbí á rà á bó ti wù kó rí. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9, fi ti igbá ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8, fi ti ike ránṣẹ́ sí i, lákòókò kan náà. Àkójọ ìfiránṣẹ́ kan lórí Wasáàpù kò lè gbà ju 256 ènìyàn lọ, àwọn tó bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù wọn nìkan ló máa rí i. Pẹ̀lú irú iye bẹ́ẹ̀, 100 olùrà jìnnà. Ẹ lè mú 36 dípò rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan sì fi 14 ṣíwájú kí ẹ tó gbà á. Ìyẹn dà bíi 25 sí 11, ìyàtọ̀ ńlá gan-an ni. Ìyàtọ̀ kékeré wà tí irú ìdánwò yìí kò ní rí láéláé, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá fi 20 sí 16 hàn lẹ́yìn oṣù méjì kò ní ohun tó máa yí padà nínú fọ́tò rẹ̀.